Affect tàbí effect, principal tàbí principle: bí a ṣe ń mú wọn nígbà àyẹ̀wò ìwé

Ìbéèrè: Mò ń yẹ ìwé ìwádìí kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wò. Kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa kankan, síbẹ̀ ọ̀gá mi rí affect níbi tó yẹ kí effect wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ló máa ń fa ìlà pupa sí lábẹ́. Ó mọ méjèèjì, torí náà ẹ̀yin lẹ máa wá wọn. Ẹ tẹ Ctrl+F nínú Word, kẹ́ ẹ wá ffect. Ó máa gbé affect, effects, affected àti ineffective jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi àmì sí Find whole words only, torí kò ní rí nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ ti ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: The drought had little affect on maize prices. Had ni ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀, little sì ń júwe ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ọ̀rọ̀-orúkọ la nílò: effect. Ṣùgbọ́n nínú The drought effected maize prices, ọ̀dá ló ń ṣe nǹkan sí iye owó àgbàdo, affected ló yẹ.

Effected gan-an ló ń fa wàhálà jù. Àwọn ọ́fíìsì wa máa ń kọ Payment has been effected, ó sì tọ̀nà, torí effect lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn ṣe nǹkan yọrí. Láti mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, ẹ fi carried out dípò rẹ̀ wò. Sísan owó gbà á. Iye owó àgbàdo ò gbà á. Tí gbólóhùn bá gba méjèèjì, bíi The committee affected the transfer, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́: ṣé ìgbìmọ̀ náà ló ṣe é ni, àbí wọ́n kàn ṣèdíwọ́ fún un?

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè fi Replace All yí gbogbo rẹ̀ padà kíá?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Tẹ́ ẹ bá yí effect sí affect, effective náà á di affective. Ọ̀rọ̀ gidi tún nìyẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì, torí náà ó ṣeé ṣe kí ìlà pupa má yọ.

Ìbéèrè: Principal àti principle ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wá princip. Principle kì í júwe ọ̀rọ̀ mìíràn, torí náà ibi yòówù tẹ́ ẹ bá ti rí principle reason tàbí principle aim, ẹ yí i sí principal láì bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé ìwé àti ojú owó tí a yá, tí èlé ń gorí rẹ̀, principal ni àwọn náà. Òfin tàbí ìlànà téèyàn dì mú nìkan ló ṣẹ́ kù fún principle. Ẹ ṣọ́ra fún the principal of: bí ilé ìwé ló tẹ̀ lé e, ó dáa; bó bá jẹ́ fairness, principle ni.