Bí mo ṣe ka ọwọ́ 16 tó gbé mi dé 121 nínú kíríbéèjì

Ọwọ́ tó kẹ́yìn nínú géèmù káàdì kíríbéèjì tí èmi àti bùrọ̀dá mi ta ní Ìbàrà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí inú ọwọ́ kan yẹn ni gbogbo nǹkan tó ń mú póìntì wá ti jáde: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, péà, ránù, fulọ́ọ̀ṣì, àti sítátà, káàdì kan tá a máa ń ṣí lẹ́yìn tá a bá ti pín tán, tó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Bùrọ̀dá mi ti pẹ́ ní London kí wọ́n tó padà wálé sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ géèmù yìí lọ́wọ́ àwọn bàbá òyìnbó tó máa ń ta á nílé ọtí. Káàdì lásán ni wọ́n mú wálé, kò sí bọ́ọ̀dù, ni mo bá gbé pákó kan lọ bá káfíńtà ní Lafẹ́nwá kó fi dírílì lu ihò sí i. Ihò 120 fún èmi, 120 fún wọn, ó pín wọn ní márùn-ún márùn-ún kí ojú lè tètè kà á, ihò kan ṣoṣo wá kù lókè pátápátá tó jẹ́ 121, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló jẹ. Igi ìtayín tá a ṣẹ́ sí méjì la fi ṣe pẹ́ẹ̀gì, mo kun tèmi ní pupa.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pẹ́ẹ̀gì méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, ìdí sì wà fún un. Tí mo bá gba póìntì 4, èyí tó wà lẹ́yìn ni màá fà yọ, màá fi fo èyí tó wà níwájú, màá wá ka ihò 4 láti iwájú ìyẹn. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn ló ń fi ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ hàn, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni póìntì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ẹni tá a jọ ń ta lè kà á fúnra ẹ̀ bó bá ń ṣiyèméjì. Tẹ́ ẹ bá lọ ń sún èyí tó wà níwájú, kò sẹ́ni tó máa lè mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ mọ́, ìjà ló sì máa ń dá sílẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé mo wà ní 105, bùrọ̀dá mi wà ní 102, àwọn ló sì kàn láti pín káàdì. Wọ́n pín mẹ́fà fún mi, wọ́n pín mẹ́fà fúnra wọn. Nínú mẹ́fà yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ méjì sílẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀, mẹ́rin tá a yọ jọ yẹn ni kíríbù, ẹni tó pín káàdì ló ni ín, òun ló máa ka póìntì inú ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni 7 háàtì, 8 háàtì, 8 kíláàbù, 9 dáyámọ́ńdì, kíìnì sípéèdì àti 2 háàtì. Mi ò ronú púpọ̀ rárá, mo di 7, 8, 8, 9 mú, mo sọ kíìnì àti 2 sínú kíríbù wọn. Bí kíríbù kì í bá ṣe tìẹ, má ṣe sọ 5 síbẹ̀, torí 10, jáàkì, kúìnì àti kíìnì, mẹ́wàá mẹ́wàá ni gbogbo wọn, 16 nirú wọn tó wà nínú káàdì 52, èyíkéyìí nínú wọn ló ń bá 5 di 15. Má sì sọ káàdì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn síbẹ̀, bíi 6 àti 7. Kíìnì àti 2 jìnnà síra wọn, ìyẹn ló jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀.

Kí sítátà tó jáde, mo ti ka ohun tó wà lọ́wọ́ mi sínú: 12 ni. Póìntì 16 ni mo sì nílò láti dé 121. Mo gé káàdì tó kù sí méjì, torí èmi tí mi ò pín ni mo máa ń gé e, bùrọ̀dá mi wá ṣí tòkè: 6 sípéèdì! Bó bá jẹ́ jáàkì ló jáde ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọn ì bá ti gba póìntì 2. Sítátà yìí, tèmi ni, tiwọn ni, ti kíríbù náà ni, gbogbo ọwọ́ ló máa kà á mọ́ tiẹ̀ bíi káàdì karùn-ún, àmọ́ a kì í fi ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ta á ná. Ẹni tí kò pín ló ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa ju káàdì sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó máa pe àròpọ̀ ẹ̀ sókè, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 31. Mo ju 8, mo ní "mẹ́jọ". Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi 8 bẹ̀rẹ̀ ni, torí bí wọ́n bá fi 8 mìíràn lé e, péà ni, wọ́n gba 2, àmọ́ màá fi 8 mi tó kù lé ìyẹn, mẹ́ta tó jọra yẹn á sì fún mi ní 6. Wọn ò ní 8. Wọ́n ju kúìnì, wọ́n ní "méjìdínlógún". Mo ju 7, ó di 25. Wọ́n ju 5, ó di 30, mi ò ní nǹkan kan tó lè wọlé mọ́, mo ní "góò", àwọn náà ò ní éèsì tó jẹ́ 1, wọ́n wá gba póìntì 1 torí àwọn ló ta kẹ́yìn. A bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, èmi ló kàn: mo ju 9, wọ́n ju jáàkì, 19, mo ju 8, 27, wọ́n wá rọra fi 4 lé e, "mọ́kànlélọ́gbọ̀n!", póìntì 2. Pẹ́ẹ̀gì wọn ti dé 105, tèmi ò kúrò níbi tó wà. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ọwọ́ tí 7, 8, 9 kún inú ẹ̀ máa ń dáa láti kà, kì í dáa láti ta, káàdì kéékèèké bíi 4 àti 5 ló ń ráàyè wọlé nígbà tí àròpọ̀ bá ti sún mọ́ 31.

Ó wá kan kíkà. Èmi tí mi ò pín ni mo máa kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ni ẹni tó pín á ka ọwọ́ ẹ̀, kíríbù ló kẹ́yìn. Mo tẹ́ 7, 8, 8, 9 sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6 sípéèdì.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tí àròpọ̀ ẹ̀ bá jẹ́ 15 ń mú 2 wá. Mi ò kì í kàn wo gbogbo káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mú, látorí èyí tó tóbi jù, màá bi í pé kí ló kù kó pé. 9 ń wá 6, 6 wà nílẹ̀, ìyẹn 2. 8 háàtì ń wá 7, ó wà, ó di 4. 8 kíláàbù náà ń wá 7, 7 kan náà ni, àmọ́ ó tún kà torí 8 ọ̀tọ̀ ni, ó di 6. 7 àti 6 jẹ́ 13, kò sí 2 lọ́wọ́ mi mọ́, ó ti tán síbẹ̀.

Ránù ló tẹ̀ lé e, ìyẹn káàdì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tò tẹ̀ lé ara wọn, irú àmì yòówù kó wà lára wọn, káàdì kan póìntì kan. 6, 7, 8, 9 ni tèmi, mẹ́rin, tá a bá lo 8 háàtì. Tá a bá yọ ìyẹn tá a fi 8 kíláàbù sí i, ránù mẹ́rin mìíràn nìyẹn. 8 ni lápapọ̀, mo wà ní 14. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà, àwọn kan á ka ẹyọ kan ṣoṣo wọ́n á gbàgbé ìkejì, àwọn mìíràn á ka 6, 7, 8, 9 tán wọ́n á tún ka 7, 8, 9 bíi ránù ọ̀tọ̀, ìyẹn ò sí, èyí tó gùn jù ti gbé kékeré inú ẹ̀ mì. Ó wá ku péà, 8 méjì, póìntì 2. Mẹ́rìndínlógún!

Bùrọ̀dá mi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn pẹ̀lú ìka, ó pé. Mo fa pẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn yọ, mo kà á láti 105: márùn-ún àkọ́kọ́, 110, 115, 120, ẹyọ kan tó kù sì wọnú ihò òkè yẹn. Nǹkan tí mo tún máa ń fi yẹ kíkà wò ni pé kò sí ọwọ́ kankan nínú géèmù yìí tó lè jẹ́ 19, kò sí 25, 26 tàbí 27 náà, ẹni tó bá ka 19, kó tún un kà, ohun kan ti yẹ̀.

Géèmù ti parí nígbà yẹn, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí tiwọn ká wò ó. 4, 5, jáàkì, kúìnì, dáyámọ́ńdì ni gbogbo ẹ̀, fulọ́ọ̀ṣì nìyẹn, póìntì 4. Ì bá di 5 bí sítátà náà bá jẹ́ dáyámọ́ńdì. Mẹ́rin ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ bára mu o, mẹ́ta lọ́wọ́ pẹ̀lú sítátà ò kì í ṣe fulọ́ọ̀ṣì, nínú kíríbù sì rèé, àfi kí márààrún jẹ́ àmì kan náà kó tó kà. 5 àti jáàkì, 5 àti kúìnì, 4 pẹ̀lú 5 àti 6, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ta, póìntì 6. 4, 5, 6 tún jẹ́ ránù 3. Àpapọ̀ ẹ̀ 13, ìyẹn ì bá gbé wọn dé 118.

Kíríbù wá ń kọ́: kíìnì àti 2 tèmi, jáàkì sípéèdì àti 3 kíláàbù tiwọn. Kíìnì, 2, 3 jẹ́ 15, jáàkì, 2, 3 jẹ́ 15, póìntì 4. Jáàkì yẹn sì jẹ́ sípéèdì bíi sítátà, ìyẹn ń fúnni ní 1 sí i. Póìntì 5, 123, wọn ì bá ti kọjá. Ká ní 104 ni mo wà kí wọ́n tó pín káàdì yẹn, 120 ni 16 mi ì bá gbé mi dé, ihò kan péré ni ì bá kù, àwọn ni ì bá sì jẹ.