Kíka Gbèdéke Inú Lẹ́tà Ìbéèrè Gbèsè
Ẹ̀yin ará, bí ẹnìkan bá fi lẹ́tà tí lọ́yà fi ń béèrè gbèsè hàn wá fún àlàyé, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí kíka ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá fúnni ní ọjọ́ 14, tí a kọ ọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù, tí ó sì dé ní ọjọ́ 9, ọjọ́ 14 láti ọjọ́ ìkọ̀wé parí ní ọjọ́ 17. Láti ọjọ́ ìgbàwé, ó di ọjọ́ 23. Ẹni tó kọ̀wé ló sábà máa ń dá gbèdéke bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó lè pẹjọ́ bí kò bá rí èsì. Ẹni tí a kọ lẹ́tà sí lè sanwó, kí ó béèrè ẹ̀rí, tàbí kí ó kọ̀wé takò ó. Èyí tí yóò yàn, lọ́yà tirẹ̀ ni kí ó bi, kí ó tó kọ ohunkóhun tó jọ ìjẹ́wọ́.