Ta Ló Mú Un Dání Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì? Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹsíbíìtì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún jókòó sẹ́yìn kóòtù, mò ń wo ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ bó ṣe ń làágùn nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ẹjọ́ igbó ni. Wọ́n ká igbó náà mọ́ afurasí lọ́wọ́, lábù sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé igbó ni. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ kò bá lábù jà rárá. Ohun tó béèrè ni pé, "Ọ̀fíísà, ta ló mú un dání lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì?" Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dìde dáhùn fún un, torí wọ́n ti bi èmi náà ní ìbéèrè yẹn rí. Ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀ títọ́jú ẹsíbíìtì, ìyẹn ohun tí a fi ń jẹ́rìí ní kóòtù: láti ibi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rí títí dé iwájú adájọ́, gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án gbọ́dọ̀ ní orúkọ, déètì, aago àti ìbuwọ́lù. Okùn ẹ̀rí nìyẹn. Bí ó bá já níbì kan, adájọ́ kì í sábà da ẹ̀rí náà nù lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbà á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e mọ́. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí ìjọba fi ẹ̀sùn ọ̀ràn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu. Iyèméjì yẹn ni lọ́yà ń wá kiri, ojú ibi tí okùn ti já ló sì ti máa ń he é.

Àkọ́kọ́, ẹ yé fi aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ tútù sínú ọ̀rá. Yóò bu. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji, kí ẹ fi sínú àpò pépà.

Ìkejì, pínnì kì í ṣe èdìdì. Téèpù tó máa ya bí wọ́n bá ṣí i ni kí ẹ lò, kí ìbuwọ́lù yín sì bẹ̀rẹ̀ lórí téèpù kó parí sára àpò.

Ìkẹta ni ìwọ̀n, ibí yìí ni wọ́n sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ láyé mi. Lọ́jọ́ tí a mú afurasí kan, a wọn igbó rẹ̀, ó jẹ́ kílò 2.4. Nígbà tí lábù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 19, kílò 1.9 ló kù. Lọ́yà gbé ìwé méjèèjì sókè, ó ní kí n ran òun lọ́wọ́: ta ló fa ìdajì kílò? Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ gan-an fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò fa nǹkan kan. Igbó náà tutù nígbà tí a kó o, omi ara rẹ̀ ló gbẹ lọ, bí ewé ẹ̀fọ́ ṣe máa ń fúyẹ́ bó bá rọ. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ síbì kankan pé ó tutù, n kò sì kọ ọ́ bóyá tàpò-tàpò ni mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan péré, "tútù", ì bá ti gbà mí. Ẹ kọ ipò tó wà, ẹ kọ irú òṣùwọ̀n tí ẹ lò, ẹ kọ ìwọ̀n tàpò-tàpò àti ìwọ̀n láìsí àpò. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí èdìdì, kí wọ́n tún un wọ̀n. Kí lábù náà kọ iye tó dé ọwọ́ wọn, iye tí wọ́n bù fi ṣàyẹ̀wò, àti iye tó kù.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kékeré ni, kó lọ wo ẹjọ́ ìpànìyàn tí wọ́n pe O. J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Los Angeles. Ní June 13, 1994, nọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́pàá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó sì wá jẹ́rìí pé ó tó nǹkan bíi mìlílítà 8. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo èyí tí wọ́n lò àti èyí tó kù, nǹkan bíi 6.5 ni wọ́n rí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gba ìgò náà kò sì fi í sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé e rìn lọ sí ilé Simpson fúnra rẹ̀ ní Rockingham, kó lè fi lé ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ níbẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà padà sọ pé ojú lásán lòun fi wọ̀n ọ́n, pé ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́ sórí. Àwọn lọ́yà ti sọ mìlílítà kan àbọ̀ yẹn di ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá wọ́n sórí ẹ̀rí. Ní October 3, 1995, wọ́n dá Simpson sílẹ̀. Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ìgò yẹn wà lára wọn.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú jù: kí wọ́n jókòó lálẹ́ tí kóòtù ku ọ̀la, kí wọ́n fi báírò kan ṣoṣo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù okùn ẹ̀rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni márùn-ún ló gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ara wọn láàárín oṣù mẹ́ta, yíǹkì búlúù kan náà! Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà! Mo rí ọ̀kan tí ẹni kẹta lórí fọ́ọ̀mù wà ní ìsinmi ọdọọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó buwọ́lù. Lọ́yà ti gba ìwé ìsinmi rẹ̀ kó tó wọ kóòtù. Ó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí búra, ó jẹ́ kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì pé ojú òun ni ọkùnrin náà ṣe buwọ́lù, ó wá gbé ìwé ìsinmi jáde. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó gba ohunkóhun tí ẹlẹ́rìí náà tún sọ gbọ́, àní bó ṣe mú afurasí tí òótọ́ sì ni. Bí àlàfo bá wà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lórí ìbúra. Agbẹjọ́rò ìjọba lè gbèjà àlàfo tó ní àlàyé. Kò sóhun tó lè fi irọ́ ṣe.

Èmi náà ti fi àlàfo sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé ẹ̀rí kan dé ọ́fíìsì ní aago márùn-ún kọjá, olùtọ́jú ẹsíbíìtì ti ti sítọ́ọ̀ lọ sílé. Mo yẹ kí n pè é padà, tàbí kí n fi í sínú àpótí irin ọ̀gá wa, kí èmi àti ọ̀gá jọ buwọ́lù ú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jù ú sí búùtù mọ́tò, mo sì lọ síbi ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Ajé ni mo tó fi í sílẹ̀, déètì ọjọ́ Ajé gan-an ni mo sì kọ. Nínú kóòtù, wọ́n bi mí bóyá ẹlòmíràn ṣí búùtù náà láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé. Mo ti búra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Táyà mi jò lójú ọ̀nà, fọkanáísà ló ṣí i, tó fi yọ sìpíà. Wọ́n ní ṣé fọkanáísà náà buwọ́lù fọ́ọ̀mù. Ẹjọ́ yẹn kò gbérí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró de ọmọ ọjọ́sí lẹ́yìn tí kóòtù túká. Mo ní, "Àbúrò, òótọ́ inú, níbo lo gbé e sí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dúrọ́ọ̀ mi ni. Mo tì í."

Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́.

Ó ní abẹ́ ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, pé ibẹ̀ ni gbogbo àwọn máa ń fi í sí.