Bí a ṣe ń kọ owó àsansílẹ̀ oníbàárà sínú ìwé nígbà tí ọjà kò tíì jáde

Ní ìparí ọdún kan, ọ̀gá kápẹ́ńtà kan tí mo ń bá kọ ìwé ní Ìkòròdú gbé ìwé rẹ̀ wá fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní oṣù kejìlá ti gbe òun. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun, ó sì ti fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní owó ọdún. Mo ṣí ìwé náà: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń pè ní èrè, owó àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà ni, kò sì tíì gbé àga kan ṣoṣo jáde fún wọn. Nígbà tí oṣù kìíní wọlé, kò rówó ra pákó.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ìwé kan ní Ìgbógbò fẹ́ dẹ́sìkì 120, ₦45,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦5,400,000. Wọ́n san ₦2,160,000 sílẹ̀ ní 14 oṣù kọkànlá, 2025. Àdéhùn ni pé dẹ́sìkì 70 yóò dé ilé-ìwé ní 20 oṣù kìíní, 2026, àti 50 tó kù ní 17 oṣù kejì. Ẹ kọ iye dẹ́sìkì, iye owó, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ó gbé e dé sórí ìwé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àsansílẹ̀ náà bí oníbàárà bá ní òun ò ṣe mọ́. Lórí rìsíìtì, “owó àsansílẹ̀” ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ “owó dẹ́sìkì”.

Ọjọ́ tí owó wọlé gan-an ni wàhálà wà. Ojú ìwé méjì ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Lójú ìwé báńkì, ẹ kọ pé ₦2,160,000 wọlé. Lójú ìwé kejì, tí mo máa ń pè ní “Àsansílẹ̀ oníbàárà”, ẹ kọ ₦2,160,000 bákan náà, kí ojú ìwé yìí sì wà láàárín àwọn gbèsè yín. Fún ẹni tó ń lo dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì, báńkì ni dẹ́bíìtì, àsansílẹ̀ ni krẹ́díìtì. Ojú ìwé ọjà títà kò gbọ́ ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Gbèsè kẹ̀? Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń bá mi jà. “Owó ti wà lọ́wọ́ mi, ta ni mo jẹ?” Ẹ jẹ ilé-ìwé ní dẹ́sìkì. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé-ìwé á ṣì wá béèrè dẹ́sìkì tàbí owó wọn. Ohun tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ yín kò tíì di èrè yín.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kọ ọ́ sí ọjà títà. Ká ní ₦31,000 ni pákó, irin, fáníìsì àti owó iṣẹ́ ń ná yín lórí dẹ́sìkì kan. Èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦14,000. Lórí 120, ó jẹ́ ₦1,680,000. Àsansílẹ̀ nìkan ti ju gbogbo èrè iṣẹ́ náà lọ! Ẹni tó bá ná an bí èrè ti ná owó pákó mọ́ ọn.

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ó máa ń fara pamọ́. Wọ́n á kọ ₦2,160,000 sí ọjà títà ní oṣù kọkànlá, nígbà tí dẹ́sìkì bá sì jáde tán, wọ́n á tún kọ ₦5,400,000 látorí ínfọ́ìsì. Ìwé á wá sọ pé ilé-ìwé kan ra ọjà ₦7,560,000. Bí ẹ bá rí oníbàárà tí ọjà títà rẹ̀ ju iye inú àdéhùn lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn mìíràn tún máa ń kọ ₦3,240,000 tó kù sí “àwọn tó jẹ wá” lọ́jọ́ àdéhùn. Ẹ jọ̀ọ́, dẹ́sìkì kankan kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ni wọ́n jẹ yín?

Pákó tí ẹ bá fi àsansílẹ̀ náà rà ní Àgbọ̀wá, ọjà tó wà nílé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kò ní di ìnáwó títí dẹ́sìkì yóò fi jáde.

Ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé ọgọ́ta tó fún èyí, kò dìgbà tí ẹ bá ra sọ́fúwíà. Báírò pupa ni mo fi ń kọ ojú ìwé àsansílẹ̀, kí ojú mi má baà kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù lè kọ orúkọ sí òpó A, ọjọ́ sí B, iye tó wọlé sí C, iye tí ọjà ti gbé kúrò sí D, kó wá kọ èyí sísàlẹ̀ ní ìlà 61:

```
=SUM(C2:C60)-SUM(D2:D60)
```

Ní 31 oṣù kejìlá, ẹ to orúkọ gbogbo oníbàárà tí ọjà wọn kò tíì jáde, ẹ ro owó tí wọ́n ti san pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ ojú ìwé àsansílẹ̀ mu láìyẹ̀ kọ́bọ̀ kan. Bí kò bá bára mu, ẹ má pín èrè kankan. Èmi tún máa ń wo báńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí owó báńkì pẹ̀lú pákó tó wà nílẹ̀ kò bá tó àsansílẹ̀ náà, ẹ ti ń jẹ owó oníbàárà.

Ní 20 oṣù kìíní, dẹ́sìkì 70 dé Ìgbógbò. Ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á ni ẹ tó lè kà á sí ọjà títà, nítorí pé àdéhùn sọ pé ilé-ìwé ni ẹ ó gbé e dé. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ní Ṣàbó ṣì jẹ́ tiyín. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń wá kó o ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tó bá kó o ni.

Ọjà títà ọjọ́ náà jẹ́ 70 lọ́nà ₦45,000, ìyẹn ₦3,150,000. Àsansílẹ̀ orí dẹ́sìkì kan jẹ́ ₦18,000, nítorí náà ₦1,260,000 yóò kúrò lójú ìwé àsansílẹ̀. ₦1,890,000 tó kù ni ilé-ìwé wá jẹ yín báyìí. Bí wọ́n bá san án lójú ẹsẹ̀, báńkì ni ó lọ. Ẹ má ṣi gbogbo ₦2,160,000 lò lórí 70 yìí, àyàfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ₦2,170,000 kúrò nínú ọjà tó wà nílé lọ sí ìnáwó orí ọjà títà. ₦980,000 ni èrè, oṣù kìíní ló sì ni ín.

Ohun kan náà ni ẹ ó ṣe ní 17 oṣù kejì: ọjà títà ₦2,250,000, ₦900,000 kúrò nínú àsansílẹ̀, ₦1,350,000 lọ́wọ́ ilé-ìwé, ₦1,550,000 kúrò nínú ọjà tó wà nílé. Orúkọ ilé-ìwé náà á wá jẹ́ òdo lójú ìwé àsansílẹ̀. Èmi máa ń fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, kí n sì lẹ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ojú ewé náà. Bí òdo náà kò bá pé, ẹ ka dẹ́sìkì tó jáde kí ẹ tó ka owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ sí pé wọ́n ti gba ọjà ló ṣì wà nínú àpò awakọ̀.