Béárìn olónọ́ńbà mẹ́ta látinú fọ́tò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Sà, 65° ni mo kọ, tíṣà sì fagi lé e.

065°. Béárìn ni igun tó ń sọ ibi tí ọ̀nà kọjú sí, láti àríwá la sì ti ń kà á. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ó pin. 7° á di 007°, 40° á di 040°.

Apá wo ni kí n yí sí?

Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, láti orí ìlà àríwá títí wàá fi kan ojú ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Bó o bá gba apá òsì, 065° á di 295° mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bí àwọn lẹ́tà inú fọ́tò bá sì dojú kọ òdì bíi ti inú dígí, kámẹ́rà iwájú lo fi yà á, fóònù sì ti yí àwòrán náà sódì. Bó o tiẹ̀ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, 295° náà lo máa bá. Tún un yà.

Wọ́n ní kí n wá béárìn B láti A. Ibo ni kí n gbé purotírátọ̀ sí?

Ní A. "Láti" ni kó o máa wá nínú ìbéèrè. Ìdí rèé tí mi ò fi ń dá ẹni tó bá fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ lóhùn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ní kó o dúró sí.

Fóònù mi dá fọ́tò náà dùbúlẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò bàjẹ́. Bí fọ́tò bá yí, ìlà àríwá inú ẹ̀ náà á bá a yí, igun tó wà láàárín òun àti ojú ọ̀nà kò ní yí padà. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ yín sí wàhálà ni pé òkè sikirínì lẹ ń pè ní àríwá. Ìlà tí wọ́n kọ N sí lórí ni àríwá, ì báà kọjú sí àtàǹpàkò yín.

Fún béárìn ìpadàbọ̀, ìgbà wo ni mò ń fi 180 kún un, ìgbà wo ni mò ń yọ ọ́?

Bí nọ́ńbà tó o ní bá kéré sí 180, fi kún un. Bó bá tó 180 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, yọ ọ́. 065° á fún ẹ ní 245°. Lórí máàpù, ìlà tààrà láti Àbújá sí Lọ́kọ́jà jẹ́ bíi 210°, nítorí náà ẹni tó ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀ á kọjú sí bíi 030°. Bí ìdáhùn rẹ bá kọjá 360, o ti fi kún ibi tó yẹ kó o ti yọ.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tíṣà fún ọmọ mi ní máàkì fún 245°, ṣùgbọ́n èmi fi purotírátọ̀ wọ̀n ọ́n lórí fọ́tò, 250° ni mò ń rí. Ta ló jàre?

Tíṣà ló jàre, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi jà gan-an lọ́wọ́ ìyá kan ní Kúbwà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Ọmọ rẹ̀ ti ya àwòrán náà sórí ìwé, 065° láti A sí B, ó sì tọ́. Nígbà tí ìyá wọ̀n ọ́n lórí fóònù, ó rí 064° ní A, ó sì rí 250° ní B. Mo kọ́kọ́ ní kí ó wo bóyá òdo purotírátọ̀ jókòó sórí ìlà àríwá. Ó jókòó síbẹ̀. Mo ní kó tún fọ́tò yà, èyí tó tún yà náà ṣe bákan náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí tíṣà.

Ohun tó yẹ kéèyàn wò ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. 250 yọ 064 jẹ́ 186. Àlọ àti àbọ̀ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra ju 180 géérégé lọ, kò sì gbọ́dọ̀ dín, níwọ̀n ìgbà tí ìlà àríwá méjèèjì bá dọ́gba, tí wọn ò lè pàdé láéláé. Dígírì 6 tó lé yẹn fi hàn pé ìlà àríwá A àti ti B ti tẹ̀ síra wọn nínú fọ́tò. Mo ní kó fa àwọn méjèèjì gùn, kó gbé rúlà dábùú wọn ní ìsàlẹ̀, kó tún gbé e dábùú ní òkè. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ mílímítà 52 ní ìsàlẹ̀, nígbà tó fi máa gòkè bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ó ti di 47. Lórí ìwé ọmọ, àlàfo náà ò yí padà rárá.

Ibi tó dúró sí ló fà á. Orí tábìlì ni ìwé wà, òun jókòó sí ìdí ẹ̀, ó na fóònù sókè díẹ̀, ó sì yà á ní gẹ̀rẹ́. Etí ìwé tó jìnnà sí fóònù kéré ju èyí tó sún mọ́ ọn, gbogbo ìlà tó dúró ṣánṣán sì ń fẹ́ pàdé lókè. Ìwé náà tún kúrú lójú fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn sì tẹ ojú ọ̀nà AB rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti kàn pín àṣìṣe náà sí méjì. Bẹ́ ẹ bá yọ 180 nínú 250, ẹ ó ní 70. Àárín 64 àti 70 jẹ́ 67, 065° la sì ń wá.

Ẹ gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ dúró lókè ẹ̀, kí ẹ̀yìn fóònù kọjú sí ìwé gbọnrangandan. Igun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ hàn, kí etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ gùn bákan náà nínú fọ́tò. Ìgbà tí ìyá yẹn ṣe bẹ́ẹ̀, 065° àti 245° jáde. Bí nọ́ńbà bá sì ti wà lára àwòrán, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́, ẹ ṣírò ni.

A rìn 80 km láti A sí B ní 065°, lẹ́yìn náà 60 km láti B sí C ní 155°. Mo kọ 335° fún béárìn A láti C, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

335° á mú ẹ padà sí B. A ni wọ́n ní kó o lọ, tààrà.

Fa ìlà àríwá sí B. Láti ibẹ̀, A wà ní 245°, C sì wà ní 155°, nítorí náà igun tó wà ní B jẹ́ 245 − 155 = 90°. Igun tó wà ní A wá jẹ́ tan⁻¹(60/80), ìyẹn 36.9°. Bó o ṣe dé B, ọ̀tún lo yà sí, torí náà C wà ní ọ̀tún ojú ọ̀nà AB, wàá sì fi igun yìí kún 065: béárìn C láti A jẹ́ 101.9°. Ìgbà yìí gan-an ni 180 tó wọlé, á di 281.9°, tá a máa kọ ní 282°. Ká ní òsì lo yà sí ni, wàá yọ igun náà ni. Bí igun tó wà ní B kò bá sì jẹ́ 90°, òfin kósáìnì lo máa lò dípò tan.

Mo ní fọ́tò pulánì ilẹ̀ wa ní Gwágwàládà. Ṣé mo lè fi béárìn inú ẹ̀ wá òkúta ààlà tó sọnù?

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Lórí pulánì, dígírì àti ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kọ, kọ́ńpáàsì fóònù ò sì lè dá ìṣẹ́jú mọ̀. Bó bá ṣìnà dígírì 1 péré, tẹ́ ẹ bá fi máa rìn mítà 60, ẹ ti yà kúrò ní bíi mítà 1. Ẹ pe sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì mú ojúlówó pulánì náà dání, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀.