Gíráàfù ẹ bá détà mu, módẹ́ẹ̀lì ẹ ṣì lè má dára: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń fi líìsì sikúwíàsì wá módẹ́ẹ̀lì inkubétọ̀

Inkubétọ̀ tí mo ń sọ yìí ò tóbi o, páálí tí mo fi fóòmù tẹ́ nínú ni, gílóòbù kan wà nínú ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ LM35 wà níbi tí ẹyin máa wà, Arduino Uno ló ń ka ìgbóná tó tún ń tan gílóòbù tó sì ń pa á. Ẹyin adìẹ fẹ́ nǹkan bíi 37.5 digrí fún ọjọ́ 21, mi ò sì fẹ́ máa fi ojú díwọ̀n nọ́ńbà kọntiróólà, mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ bí páálí yẹn ṣe ń gbóná àti bó ṣe ń pẹ́ tó. Módẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ:

```
T[k+1] = a*T[k] + b*u[k] + c
```

`T` ni ìgbóná, `k` ni nọ́ńbà kíkà, `k+1` sì ni kíkà tó tẹ̀lé e, `u` jẹ́ 1 tí gílóòbù bá tàn, 0 tó bá kú. Iṣẹ́ líìsì sikúwíàsì ni kó wá `a`, `b` àti `c` tó máa jẹ́ kí àròpọ̀ sikúwíà gbogbo àṣìṣe kéré jù lọ. Kọ̀ǹpútà á ti ṣe é tán kí ẹ tó ṣẹ́jú, wàhálà ibẹ̀ ni pé á fún yín ní nọ́ńbà kódà tí détà yín ò bá ní nǹkan kan láti sọ.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ mú mi, tí mo sì ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ni kí a máa ka sẹ́ńsọ̀ léraléra jù. Mo ń kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mo rò pé bí détà bá ṣe pọ̀ tó náà ló ṣe máa dára tó. Ẹ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. LM35 ń mú 10 mV jáde fún digrí kan, Arduino Uno pín 5 V sí 1024, ìgbésẹ̀ kan jẹ́ 4.88 mV, ìyẹn 0.49 digrí. Torí náà nọ́ńbà tí mo ń rí ni 34.18, 34.18, 34.67, 34.18, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Páálí yẹn fúnra ẹ̀, kódà tí gílóòbù bá ń jó tagbára-tagbára, kò lè fi ju bíi 0.03 digrí gòkè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí ìgbóná tó rin ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo fífò tí mo ń rí láàárín ìgbà yẹn, ariwo sẹ́ńsọ̀ lásán ni.

Ariwo yẹn kì í kàn ṣe ìdọ̀tí o, ó ń ti ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Líìsì sikúwíàsì gbà pé apá òsì nìkan ni àṣìṣe wà, bẹ́ẹ̀ `T[k]` tó wà lápá ọ̀tún, sẹ́ńsọ̀ kan náà ló ti wá, ariwo wà nínú òun náà, ìyẹn sì máa fa `a` wálẹ̀. Èmi rí 0.990. Ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 0.9983. Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀, àmọ́ àkókò tí páálí fi ń dáhùn ni `-Ts/ln(a)`, `Ts` ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín kíkà kan àti èkejì: 0.990 ń sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 100, 0.9983 ń sọ pé bíi 600. Ìlọ́po mẹ́fà! Tí ẹ bá sì kó détà ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́nà yẹn, ibì kan náà lẹ máa balẹ̀ sí, torí ariwo yẹn ò ní dín kù nínú ìlà kankan.

Ọ̀nà àbáyọ ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú wo gíráàfù. Ẹ tan gílóòbù láti inú tútù, ẹ ka ìgbà tó fi rin 63 nínú 100 ọ̀nà dé ibi tó máa dúró sí, ìyẹn ni àkókò ẹ̀, kí ẹ wá máa ka sẹ́ńsọ̀ bíi ìgbà 10 sí 20 láàárín àkókò yẹn. Tèmi jẹ́ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ń kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, 30. Mo tún fi `analogReference(INTERNAL)` sí i kí ó fi 1.1 V díwọ̀n dípò 5 V, ìgbésẹ̀ wá di 0.11 digrí, tó bá sì tó àsìkò kíkà, màá ka 100 lẹ́ẹ̀kan náà màá mú àárín wọn.

Ti `c` ò gùn. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò torí ìwé tí wọ́n kà ò kọ ọ́. Láìsí `c`, módẹ́ẹ̀lì yín ń sọ pé tí ẹ bá pa gílóòbù, páálí á tutù títí á fi dé 0 digrí, nínú yàrá tó jẹ́ 28! Ẹ fi òpó `1` sí i.

Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni détà tí a kó nígbà tí kọntiróólà ń ṣiṣẹ́. Ká ní dímà tó ń dín iná gílóòbù kù lẹ ń lò, tí `u` fi lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí láàárín 0 àti 1, kọntiróólà sì ń ṣe `u = 0.2*(37.5 - T)`, ìgbóná sì ti wà nítòsí 37.5. Gbogbo `u` yín, inú `T` ló ti jáde, kò ní ìròyìn tiẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì tí `a`, `b`, `c` ẹ̀ jẹ́ 0.95, 0.975, 1.37 àti èyí tó jẹ́ 0.85, 0.475, 5.12 máa fún yín ní ìdáhùn kan náà gan-an. Ẹ fi `T` = 36 dán an wò, `u` á jẹ́ 0.3, àwọn méjèèjì á sọ 35.86. Kò sí bí ìṣirò ṣe máa mọ èwo ni òótọ́, kò sì ní pariwo fún yín. Ẹ wo `rank`, ìyẹn iye òpó tó ní ìròyìn tiẹ̀:

```python
A = np.column_stack([T[:-1], u[:-1], np.ones(len(T)-1)])
p, res, rank, s = np.linalg.lstsq(A, T[1:], rcond=None)
```

Ó yẹ kó jẹ́ 3. Tó bá jẹ́ 2, tàbí tí nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú `s` kéré bíńtín sí ti àkọ́kọ́, ẹ da détà yẹn nù. Ẹ kó ẹyin kúrò nínú páálí, ẹ máa tan gílóòbù kí ẹ sì máa pa á láìwo ìgbóná rárá, ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà kan, méjìlá nígbà mìíràn, kó má tẹ̀lé ètò kankan, fún bíi wákàtí mẹ́ta.

Báwo ni mo ṣe wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé 0.990 yẹn ò dáa? Torí bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo ń fún un ní `T[k]` gidi, ó ń sọ `T[k+1]`, ìlà méjèèjì sì wọ ara wọn lórí gíráàfù. Àmọ́ ẹni tó bá kàn sọ pé ìgbóná tó ń bọ̀ á dà bíi ti ìsinsìnyí, tòun náà á bá a mu! Ọmọ tó di aṣọ ìyá ẹ̀ mú ò tíì mọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó dá rìn, ẹ fún un ní ìgbóná àkọ́kọ́ nìkan àti `u`, kó máa lo ìdáhùn ara ẹ̀:

```python
x = T[0]
sim = [x]
for k in range(len(T)-1):
    x = a*x + b*u[k] + c
    sim.append(x)
```

Ẹ ṣe é lórí détà ọjọ́ mìíràn, kì í ṣe èyí tí ẹ fi wá `a`. Módẹ́ẹ̀lì mi àkọ́kọ́ ti gbóná tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí páálí gidi ṣì ń gun òkè lọ.

Èyí tí mo fi détà tuntun ṣe ní `a` = 0.951, `b` = 0.98, `c` = 1.37. `c/(1-a)` jẹ́ 28, ìgbóná yàrá mi gan-an, `b/(1-a)` jẹ́ 20, ìyẹn ni iye digrí tí gílóòbù lè fi kún un, àkókò ẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 597, bí mo ṣe rí i lórí gíráàfù kí n tó bẹ̀rẹ̀.