Ẹ fi èènì fa oníbàárà, ẹ má gé owó ọjà
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dínwó, ẹ má ṣe gé owó orí ọjà. Èènì ni kí ẹ so mọ́ iye tí oníbàárà bá rà. Ẹ jẹ́ ká wo àdìrẹ tí a ń tà ní 10,000 náírà, tí a sì ná 7,000 náírà lé lórí. Bí a bá yọ 2,000 náírà kúrò, èrè orí ẹyọ kan á wálẹ̀ láti 3,000 sí 1,000 náírà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ní láti ta mẹ́ta kí a tó rí èrè tí ẹyọ kan ń mú wá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ra méjì bá gba ìborùn àdìrẹ tí ó ná wa ní 1,200 náírà, èrè 4,800 náírà ṣì wà nílẹ̀. 10,000 náírà náà sì ni oníbàárà ṣì mọ̀ sí iye àdìrẹ wa, kò ní máa dúró de ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tún já wálẹ̀. Kí ẹ tó kéde, ẹ ka iye ìborùn tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí èènì yóò parí. Ọ̀nà yìí kò bá aṣọ tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, mu: ẹ dín owó irú èyí kù, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.